Kiriatíìnì tó ti pẹ́ nínú omi: ìgbà wo ló yẹ kí a dà á nù?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà láàárín Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì máa ń gbé irin ní jíìmù lẹ́yìn iṣẹ́. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń po ṣíbí kiriatíìnì kan mọ́ sóbò tí ìyàwó mi sè. Inú ọkọ̀ ló máa ń wà títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí n óò mu ún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní jíìmù ní ó ti di májèlé nígbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá gbé e sí fíríìjì ńkọ́, ọjọ́ mélòó ló lè lò?*

Àbúrò, kò di májèlé. Nínú nǹkan bíi gíráàmù 5 inú ṣíbí kan tí o dà sínú ike láàárọ̀, nǹkan bíi 4 ààbọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kódà bí ooru inú ọkọ̀ bá mú dáadáa. Ìyẹn sì tó iṣẹ́ tí o fẹ́ kó ṣe. Ohun tí èmi ì bá kọ́kọ́ fura sí nínú ike yẹn ni sóbò fúnra rẹ̀, torí wákàtí mọ́kànlá nínú ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ ohun mímu tí a fi ọwọ́ sè nílé. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ pátápátá. Kiriatíìnì tó ti yọ́ sínú omi máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, sóbò sì wà lára ohun tí ó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ kíákíá jù. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí o lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣírò rẹ̀, yálà sóbò lo pò ó mọ́ tàbí omi lásán.

Inú ẹran àti ẹja ni kiriatíìnì ti wá kí wọ́n tó máa tà á nínú ike. Michel Eugène Chevreul, ará Faransé kan tó mọ̀ nípa kẹ́mísìrì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde láti inú ẹran ní ọdún 1832. Ara àwa náà ń ṣe é, inú iṣan ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí. Bí o bá wo bí wọ́n ṣe to mólíkù rẹ̀, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, o máa rí i pé ó gùn, ó sì ní ìpẹ̀kun méjì. Ìpẹ̀kun kan lè tẹ̀ wá bá èkejì kí ó dì mọ́ ọn, bí ejò tó gbé ìrù ara rẹ̀ sẹ́nu. Nígbà tó bá dì mọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹyọ omi kan á já bọ́ lára rẹ̀, ohun tó kù á sì di òrùka. Òrùka yẹn ni wọ́n ń pè ní kiriatinínì. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra rárá: kiriatíìnì ni iṣan ń lò láti tún agbára ṣe nígbà tí o bá gbé irin tó wúwo, kiriatinínì ní tirẹ̀ kò wúlò fún iṣan mọ́, inú ìtọ̀ ni kíndìnrín ń dà á sí.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe májèlé. Ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike rẹ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ lójoojúmọ́, yálà o ra kiriatíìnì tàbí o kò rà á. Nǹkan bí ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kiriatíìnì tó wà lára ènìyàn ló ń di kiriatinínì láàárín ọjọ́ kan, tí kíndìnrín sì ń gbé e jáde. Fún ọkùnrin tó wọn nǹkan bíi kílò 70, ó tó gíráàmù 2 lóòjọ́. Ìdajì gíráàmù tó wá láti inú ike sóbò kò jẹ́ ohun tuntun fún kíndìnrín tí ara rẹ̀ dá. Owó rẹ ló ń ṣòfò, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ wákàtí, mọ èyí ná: ìgbà tí ó bá yọ́ sínú omi nìkan ni gbogbo ohun tí mò ń wí yìí kàn. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ kò ní ìṣòro yìí. Wọ́n ti kó kiriatíìnì monohàídréètì, oríṣi tó wọ́pọ̀ jù lọ, pamọ́ sínú ooru ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣọ́ọ̀sì fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, wọn kò sì rí kí ó di nǹkan mìíràn. Nítorí náà bí ike lẹ́búlẹ́bú rẹ bá jókòó sínú ilé tó gbóná ní Ṣàgámù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò, kò sí ohun tó ṣe é, bí omi kò bá ti kàn án. Ṣíbí tí omi wà lára rẹ̀ ni kí o má ṣe tì bọ inú rẹ̀. Èyí tó dì gbàgìdì nítorí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣì dára, fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí o lò ó. Èyí tí omi dà sí tó sì di ẹ̀kọ ni kí o má ṣe tọ́jú.

Bó bá ti wọ inú omi tán, ohun méjì ló ń pinnu bí ó ṣe máa yára bàjẹ́ tó: bí omi náà ṣe kan tó, àti bó ṣe gbóná tó. Pípò lásán kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí o tilẹ̀ jù ú sínú ike kí o sì mì ín títí ọwọ́ yóò fi ro ọ́, ìyẹn kò yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kíkan. Òṣùwọ̀n pH ni wọ́n fi ń wọn kíkan: 7 kò kan kò sì korò, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń kan sí i. Nínú omi tó wà lójú 6 ààbọ̀ sí 7 ààbọ̀, kiriatíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í sínú omi kíkan fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú ooru ìwọ̀n 25, ohun tí wọ́n rí nìyí. Ní pH 5.5, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bàjẹ́. Ní pH 4.5, ó di ìdá 12. Ní pH 3.5, ó di ìdá 21. Wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta. Àwọn tó ń sọ ní jíìmù pé kí o mu ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó run ti gbọ́ pé ó ń bàjẹ́, wọn kò béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó.

Ooru ló kàn. Nínú irú iṣẹ́ kẹ́mísìrì báyìí, bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, nǹkan náà máa ń yára ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Èmi máa fi mẹ́ta ṣírò tìrẹ, kí ó lè jẹ́ pé ibi tó burú jù ni mo gbé e sí. Ìwọ̀n 25 tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò yẹn jẹ́ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Inú bọ́ọ̀sì rẹ, tí èrò kún, tí oòrùn ọ̀sán ń gba ojú gíláàsì wọlé, kò lè jẹ́ 25. Ká pè é ní 35.

Ó yá, jẹ́ ká ṣí ike tìrẹ. Sóbò jẹ́ ohun mímu tó kan gan-an, torí ìṣápá pupa tí a fi sè é kún fún ásíìdì. pH rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́bàá 3 tàbí kí ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣúgà tí a dà sí i kò sì yí ìyẹn padà, ẹnu wa nìkan ni ṣúgà ń tàn jẹ. Mo máa lo èyí tí wọ́n wọ̀n ní pH 3.5 fún un. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ mẹ́ta já sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wákàtí mọ́kànlá ni. Nínú yàrá tó tutù, ìyẹn yóò jẹ́ ìdá 3 ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú gíráàmù 5, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún gíráàmù ló lọ. Nísinsìnyí, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí ooru ọkọ̀: ó di nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìdajì gíráàmù. Gíráàmù 4 ààbọ̀ lo mu.

Ǹjẹ́ 4 ààbọ̀ tó? Ó tó. Gíráàmù 3 lóòjọ́, bí ènìyàn bá mu ún déédéé fún bí oṣù kan, á kún iṣan dé ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó sáré mu gíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí o bá ti ń mu ún lójoojúmọ́, iṣan rẹ kò ní mọ̀ pé ìdajì gíráàmù sọnù lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Àfi bó bá jẹ́ pé ìwọ náà ń fún un ní ìwọ̀n tó kéré, tí o ń bu ìdajì ṣíbí kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Nígbà náà ni ìdá mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀.

Ohun kan lè ba ìṣirò mi jẹ́. Bí o bá gbé ike náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí o sì páàkì sínú oòrùn ní gáréèjì dúró de èrò pẹ̀lú gíláàsì títì, ooru ibẹ̀ lè ju 45 lọ dáadáa. Ní ìwọ̀n yẹn, wákàtí mẹ́ta péré lè jẹ ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Abẹ́ ìjókòó, níbi tí oòrùn kò dé, ni kí ó máa wà.

Ó ṣeé ṣe kí o ti máa rò ó nínú ara rẹ pé: bí kíkan bá ń ba kiriatíìnì jẹ́, inú ikùn tó kan ju sóbò lọ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó ń ta àwọn oríṣi kiriatíìnì olówó iyebíye sì fẹ́ràn láti fi í dẹ́rù ba oníbàárà, pé ásíìdì inú ikùn ń pa èyí tó wọ́pọ̀ run. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí pH bá ti lọ sílẹ̀ ju 2 ààbọ̀ lọ, bíbàjẹ́ náà kò tún yára sí i mọ́, ńṣe ló ń dẹwọ́, torí ásíìdì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń so háídrójìn mọ́ mólíkù náà lára ní ibi tí kò ti ní rọrùn fún un láti tẹ̀ kí ó dì mọ́ra. Inú ikùn tó ṣófo sì máa ń wà lójú pH 1 sí 2. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í pẹ́ níbẹ̀. Ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìfun ni, ìfun á sì gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé láìbàjẹ́. Ibi tó léwu fún kiriatíìnì ni àárín gbùngbùn: kíkan tó mọ níwọ̀n, tó sì pẹ́. Sóbò, omi tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí, ọsàn mímu, àti ọ̀pọ̀ ohun mímu inú agolo, inú àgbègbè yẹn ni wọ́n wà.

Ẹnì kan ti bi mí rí ní Ìpẹru bóyá òun lè dà á sórí gààrì. Gààrì Ìjẹ̀bú ńkọ́, tí a mọ̀ pé ó kan ju gààrì ibòmíràn lọ torí pé ó pẹ́ lẹ́nu fífúnmi? Dà á sí i o. Ta ló ń rẹ gààrì sílẹ̀ fún wákàtí mọ́kànlá? Kí gààrì tó wú tán, o ti mu ún tán, ìdá tó bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíì gbígbóná. Omi gbígbóná á tilẹ̀ jẹ́ kí ó yọ́ dáadáa, bí o bá sì mu ún nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí nǹkan kan tó sọnù.

Yíyọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe tó ń gba kiriatíìnì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ju kíkan lọ. Kiriatíìnì kì í yọ́ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Lítà omi kan nínú ooru ìwọ̀n 20 kò lè yọ́ ju gíráàmù 14 lọ. Bí omi náà bá tutù bíi ti inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 4, gíráàmù 6 péré ni lítà kan lè gbà. Wò ó báyìí: bí o bá da gíráàmù 5 sínú ike tó gba ìdajì lítà, tí o sì gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, gíráàmù 3 ni omi tútù yẹn lè gbé. Gíráàmù 2 tó kù á rọ̀ sílẹ̀ bí iyanrìn funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rí i, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á mu omi òkè, wọ́n á sì fi omi ṣan ìyókù dà nù. Àwọn yẹn ló ń ṣòfò gidi. Ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ yẹn ni èyí tó dára jù nínú ike náà, torí pé kò yọ́, kò sì lè di òrùka bíi ti èyí tó yọ́. Mì ín dáadáa, mu ún, tún da omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike, mì ín, kí o tún gbé e mu.

Ojú kò sì lè fi bíbàjẹ́ gidi hàn ọ́. Kiriatinínì kò ní àwọ̀, ó ń yọ́ sínú omi dáadáa ju kiriatíìnì lọ, kò sì rùn. Omi tó mọ́ gaara lè ti pàdánù ìdajì kiriatíìnì rẹ̀, èyí tó dọ̀tí nísàlẹ̀ sì lè pé pérépéré. Aago àti kíkan ni kí o máa kà, má wojú omi.

Ní báyìí, jẹ́ kí n padà sórí sóbò, torí ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ tèmi wà. Ohun mímu kì í dúró de kiriatíìnì kó tó bàjẹ́. Ìṣápá tí a sè, tí a fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti atalẹ̀ sí, tí a tún da ṣúgà lé, oúnjẹ aládùn ni fún àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí. Kíkan rẹ̀ ń dá ọ̀pọ̀ bakitéríà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó ń wu búrẹ́dì fẹ́ràn ohun tó kan tó sì dùn. Ní ooru ìwọ̀n 35, wákàtí mọ́kànlá tó kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì rẹ̀ kò fara sin: ike á le bí bọ́ọ̀lù, bí o bá ṣí ìdérí rẹ̀ á pariwo ṣíì, ìfófòó á gun òkè, òórùn ẹmu á sì wà níbẹ̀. Bí o bá rí ọ̀kan nínú wọn, dà á nù, má wulẹ̀ rò ó nítorí kiriatíìnì tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ohun mímu tó gba kiriatíìnì mọ́ra ni kòkòrò tún ń gbà mọ́ra jù. Mílíìkì kò kan, kiriatíìnì á jókòó jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mílíìkì tí a ti ṣí, tàbí purotéènì lẹ́búlẹ́bú tí a ti fi omi pò, kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Nígbà tí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí kan ni, ooru wa níhìn-ín sì ń ju 32 lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ọ̀sán. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kiriatíìnì lè máà tíì bàjẹ́ nígbà tí inú rẹ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé wákàtí mélòó ni ohun mímu òun lè lò, ohun tó pò ó mọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ mílíìkì tàbí purotéènì, aago mílíìkì ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ sóbò tàbí ọsàn, méjèèjì ń sáré pọ̀. Omi lásán nìkan ni kò ti sí èyí tó ń sáré.

Èyí tí mo máa sọ fún ọ láti ṣe kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Máa gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ dání ní gbígbẹ. Wọn ṣíbí kan sínú ọ̀rá kékeré tàbí ike oògùn tó ti ṣófo, tí o fọ̀ tó sì gbẹ dáadáa, fi í sínú àpò ṣòkòtò rẹ tàbí ibi tí o ń kó ìwé ọkọ̀ sí. Nígbà tí o bá dé jíìmù nírọ̀lẹ́, ra píọ̀ wọ́tà méjì, da ọ̀kan sínú ike, da lẹ́búlẹ́bú sí i, mì ín, mu ún, kí o fi èkejì ṣan ike mu. Sóbò ìyàwó rẹ, mu ún láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, lọ́tọ̀. Bí o bá sì fẹ́ pò wọ́n pọ̀ nítorí adùn, kò burú, láàárọ̀ náà ni kí o ti mu ún tán. Kò pọn dandan kí kiriatíìnì wọlé ní agogo márùn-ún kí o tó gbé irin. Kì í ṣe bíi kọfí tí ènìyàn ń retí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó ń kójọ sínú iṣan lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ tàbí alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ti fíríìjì wá rọrùn láti dáhùn. Bó bá jẹ́ omi lásán lo pò ó mọ́, tí fíríìjì náà sì tutù gan-an, ọjọ́ kan tàbí méjì kò ṣe é ní nǹkan kan tó ṣeé kà, ìwọ ṣáà mì ín kí o tó mu ún. Bó bá jẹ́ sóbò, òtútù inú fíríìjì á dín ìyára bíbàjẹ́ náà kù gan-an: èyí tó ń jẹ ìdá 7 sí 8 lóòjọ́ ní ìwọ̀n 25 á máa jẹ bí ìdá 1 tàbí 2. Ọjọ́ kejì, mu ún. Ọjọ́ kẹta, mo lè gbà bí iná kò bá já rárá, torí fíríìjì tí kò ní iná kò ju àpótí lásán lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ láti alẹ́ tí o sì bá ohun inú ike ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, kà á sí ohun tó sùn síta. Èyí tó bá sùn síta gan-an fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru wa, kiriatíìnì inú sóbò náà lè ti dín kù tó ìdajì, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn sóbò á ti di ọtí.

Nítorí ohun kan náà, má ṣe ra kiriatíìnì olómi tí wọ́n ti rọ sínú ìgò. Àwọn kan ń tà á bíi pé ó ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Ronú sí iye oṣù tó ti lò nínú omi láti ilé iṣẹ́, nínú ọkọ̀ òkun, nínú ibi ìkẹ́rùsí, títí dé orí pákó ọlọ́jà, lẹ́yìn náà kí o ka ara ìgò náà bóyá wọ́n fi ásíìdì sítíríìkì sí i kó lè dùn. Lẹ́búlẹ́bú monohàídréètì tí kò ní adùn kankan ni kí o rà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Kiriatinínì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ń wọ̀n láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń mu kiriatíìnì, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nínú sóbò, lè ní iye tó ga díẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe kíndìnrín rẹ̀. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tó jinná wọmúwọmú pọ̀ náà lè ní in, torí iná tó pẹ́ lábẹ́ ìkòkò ń sọ kiriatíìnì inú ẹran di kiriatinínì pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, bóyá fún àyẹ̀wò ìwé ọkọ̀ tàbí ohun mìíràn, sọ fún wọn kí abẹ́rẹ́ tó wọlé pé o ń mu ún, kí o sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n lè ní kí o dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún ọ rí pé kíndìnrín rẹ kò pé, tàbí o ní ẹ̀jẹ̀ ríru, má tíì ṣí ike lẹ́búlẹ́bú yẹn títí ìwọ àti dókítà rẹ yóò fi sọ̀rọ̀.